Bí A Ṣe Ń Padà Kọ̀wé Síléeṣẹ́ Tí Kò Mú Wa Lẹ́ẹ̀kíní

Ọdún 9 ni mo fi ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Bí orúkọ ẹnì kan bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, kí n tó ṣí síífíì rẹ̀ rárá ni mo ti máa ń rí ìlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà tó ń sọ pé ẹni yìí ti kọ̀wé sí wa rí. Tí mo bá tẹ ìlà yẹn, gbogbo rẹ̀ á tú jáde: oṣù tó kọ́kọ́ wá, iṣẹ́ tó béèrè, síífíì tó fi ránṣẹ́ nígbà náà, ibi tó bá ètò dé, àti ohun tí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó jáde. Bí Greenhouse, Workday àti àwọn sọ́fúwíà ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àdírẹ́sì ímeèlì ni wọ́n sábà fi ń dá ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àti nọ́ńbà fóònù náà máa ń tú àṣírí.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, "Ṣé kí n sọ pé mo ti wá rí, àbí kí n ṣe bí ẹni tí kò wá rí?" Iléeṣẹ́ ti mọ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Ohun tó kù ni kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́, ní gbólóhùn mélòó kan, kí ẹ sì fi ohun tó ti yí padà tì í. Màá fi ọ̀rọ̀ àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Oníṣirò owó ni àbúrò yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà gba owó lórí POS. Iṣẹ́ tó béèrè ni ti ẹni tó ń fi àkọsílẹ̀ báńkì wé ìwé owó iléeṣẹ́, kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó yege. Wọ́n fún un ní ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti ṣubú. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún kéde iṣẹ́ yẹn.

1. Ẹ wá ibi tí ẹ ti ṣubú gan-an

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí ímeèlì yín, ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó ohun mẹ́rin jọ: ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, orúkọ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe pè é, síífíì tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an, àti lẹ́tà tí wọ́n fi sọ pé àwọn ò mú yín. Ẹ má sọ síífíì àtijọ́ yẹn nù, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ rìn dé, torí òun ló máa sọ bí ẹ ó ṣe sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé lásán lẹ fi ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò pè yín, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ka síífíì yín tán. Gbólóhùn kan ti tó láti fi dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi tó wà lọ́wọ́ yín ni láti tún síífíì náà kọ. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ló gbé yín ṣubú, ohun kan pàtó wà tí ẹ lè lọ tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ níwájú àwọn ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ni, èrò wọn nípa yín wà lákọsílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan náà tún jókòó dè yín. Bí ẹ bá sì dé ìparí, tó jẹ́ ẹ̀yin àti ẹnì kan péré ló kù, ẹ jẹ́ kí ìyẹn ṣáájú nínú lẹ́tà yín. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣe ipò kejì la kọ́kọ́ máa ń wá orúkọ rẹ̀ jáde bí àyè bá tún ṣí, òmíràn ò sì mọ̀ pé ipò kejì lòun ṣe àfi ìgbà tó béèrè.

Bí ẹ kò bá mọ ìdí tí wọn ò fi mú yín, ẹ béèrè. Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà náà bá dé ló dára jù, nígbà tí ojú yín ò tíì kúrò lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù 5 rí. Bí ẹ bá kọ̀wé pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi mú mi?", ẹ ò ní rí èsì, nítorí ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sínú ẹjọ́. Ẹ béèrè nípa iṣẹ́ náà: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, apá wo nínú ìdánwò yẹn ló yẹ kí n lọ tún ṣiṣẹ́ lé lórí?" Ohun tí àbúrò yìí béèrè nìyẹn. Ìlà kan péré ni ọ̀gá náà fi dá a lóhùn: ohun tó ṣe tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ṣe dé ìdajì kí àkókò tó pé. Ìsanwó 400 ni wọ́n ní kó fi wé ara wọn ní iṣẹ́jú 45, ó sì ń fi ojú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba máa ń sọ fún mi pé òfin fún àwọn láǹfààní láti béèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa àwọn nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí iléeṣẹ́ sì dáhùn láàárín oṣù kan. Òótọ́ ni. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, náà jẹ́ kéèyàn lè béèrè ohun tí iléeṣẹ́ kó pamọ́ nípa òun. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gba ẹni tó fẹ́ padà síbẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fi òfin ṣí ilẹ̀kùn. Tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá, ojú tí wọ́n á sì fi wo ẹni náà láti ọjọ́ yẹn kì í ṣe ojú ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ́.

2. Ẹ wò ó bóyá àkókò ti tó

Ẹ tún lẹ́tà àtijọ́ yẹn kà dé ìsàlẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn má padà wá kí oṣù 6 tàbí ọdún kan tó pé. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, ẹ̀rọ lè ti í mọ́ yín láìsí pé ènìyàn kankan rí ìwé yín. Bí ẹ bá kọ̀wé, tí èsì "rárá" dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ ló dáhùn yẹn. Ó lè jẹ́ pé àkókò ò tíì pé, ó sì lè jẹ́ ìdáhùn kan nínú fọ́ọ̀mù, bíi iye ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́, ló tì yín síta.

Níbi tí wọn ò bá ti sọ iye oṣù, ẹ fi ìbéèrè yìí díwọ̀n rẹ̀: gbólóhùn wo ni mo lè kọ nípa ara mi lónìí tí ì bá ti jẹ́ irọ́ ní ọjọ́ tí wọn ò mú mi? Ẹ mú bírò kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ, àkókò ò tíì tó, ì báà jẹ́ ọdún 2 ló ti kọjá. "Mo ti dàgbà sí i" kì í ṣe irú gbólóhùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo ti lọ kọ́ nǹkan" bí kò bá sí iṣẹ́ tí ẹ fi ohun tí ẹ kọ́ ṣe. Iṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá nínú iléeṣẹ́ kan náà kò nílò ìdúró tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má kọ̀wé fún iṣẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń tò lábẹ́ orúkọ yín lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí i á gbà pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Lẹ́yìn tí wọn ò mú àbúrò yìí, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn lọ́pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ láti máa fi VLOOKUP inú Excel wá ìsanwó kan náà nínú ìwé méjì dípò kó máa fi ojú wò ó. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ìparí oṣù, owó inú báńkì kì í bá ti inú ìwé ọ̀gá rẹ̀ mu, wọ́n sì ti ń fẹ̀sùn kan ọmọ tó ń gbowó. Ó ṣà wọ́n títí ó fi rí i pé ₦50 tí báńkì ń yọ nígbà náà lórí owó tó bá wọlé láti ₦10,000 sókè ni ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀. Ní oṣù tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọlé ní ìgbà 600, ₦30,000 ti fò nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀. Ìyókù tí kò bá ara mu jẹ́ owó POS tó ń wọ báńkì lọ́jọ́ kejì. Ó ṣètò bébà Excel kan tó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó ń gbà á ní ọjọ́ 4 di ti ọjọ́ kan.

Ó ti rí gbólóhùn tirẹ̀ nìyẹn.

3. Ẹ jẹ́ kí síífíì tuntun àti ti àtijọ́ bára mu

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Síífíì àtijọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, èmi a sì máa ṣí àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọ pé ẹ kúrò níbi iṣẹ́ kan ní oṣù Kẹfà, tí tuntun sọ pé oṣù Kẹsàn-án ni, mi ò ní pè yín láti béèrè èyí tó jẹ́ òótọ́. Bákan náà ni orúkọ ipò: ẹni tó jẹ́ "olùrànlọ́wọ́ oníṣirò" lọ́dún tó kọjá kò lè di "ọ̀gá àwọn oníṣirò" ní iléeṣẹ́ kan náà, láàárín ọdún kan náà, àfi bí wọ́n bá gbé e ga, kí ọjọ́ ìgbéga náà sì hàn. Bí àṣìṣe bá wà nínú ti àtijọ́, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ nínú lẹ́tà pé ẹ tún un ṣe.

Ẹ má ṣí ímeèlì tuntun nítorí kí wọ́n má baà dá yín mọ̀. Ojoojúmọ́ la máa ń rí i. Orúkọ kan, fóònù kan, ilé ìwé kan, ímeèlì méjì: bí a bá ti so wọ́n pọ̀, ohun tó wà níwájú wa kì í tún ṣe pé ẹ ò yege nígbà kan, pé ẹ fẹ́ fi í pamọ́ ni. Bí ẹ bá sì ti pàárọ̀ ímeèlì fún ìdí mìíràn, ẹ kọ ti àtijọ́ sínú lẹ́tà.

Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ẹ ti kọ̀wé síbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Nínú síífíì fúnra rẹ̀, ẹ má dárúkọ ìgbà àkọ́kọ́ rárá. Lẹ́tà ni ibùjókòó rẹ̀.

4. Lẹ́tà náà

Ìpínrọ̀ kejì ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bí ó bá wà ní ìpínrọ̀ kìíní, lẹ́tà yín á di lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, á dà bí ohun tí ojú ń tì yín láti sọ. Ẹni tó dé ipò kejì nìkan ni mo yọ sílẹ̀, bí mo ṣe wí lókè.

Ohun mẹ́ta ló máa wà nínú rẹ̀: ìgbà tí ẹ wá àti iṣẹ́ tí ẹ béèrè, ibi tí ẹ dé àti ohun tí ẹ ṣe aláìní, ohun tó ti yí padà, pẹ̀lú ẹ̀rí. Gẹ̀ẹ́sì ni àbúrò yìí fi kọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe ń retí, ṣùgbọ́n báyìí ló lọ:

*"Mo kọ̀wé fún iṣẹ́ yìí kan náà ní oṣù Kẹta ọdún 2023, mo sì dé ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. N kò parí rẹ̀ láàárín àkókò tí ẹ fún mi, nítorí pé mo ń fi ojú wo àwọn ìsanwó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kárùn-ún ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lóṣooṣù fún ẹni tó ń ta oògùn lọ́pọ̀. Mo fi Excel ṣètò rẹ̀ débi pé ohun tó ń gba ọjọ́ 4 ń parí ní ọjọ́ kan, mo sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ₦30,000 tí a kì í kọ sílẹ̀ lóṣooṣù."*

Ó tán. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e kò padà sórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò tọrọ àforíjì, kò sì sọ pé ọkàn òun bàjẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà hàn mí, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná mọ́námọ́ná lọ lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo. Òótọ́ ni o! Mo ní kó yọ ọ́. Bí iná bá jẹ́ ìdí tó fi ṣubú, a jẹ́ pé nǹkan kan ò yí padà lára rẹ̀, nítorí iná ṣì ń lọ. Bákan náà ni kí ẹ yọ gbólóhùn bíi "mo mọ̀ pé ẹ ṣàṣìṣe nígbà yẹn" àti "mo ti ń fọkàn sí iléeṣẹ́ yín láti kékeré." Ìkínní ń bú ẹni tó máa ka lẹ́tà náà, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló kọ̀ yín. Ìkejì kò sọ nǹkan kan.

Bí ẹ bá ṣì ní àdírẹ́sì ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí i ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé ránṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. A jọ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹta lórí iṣẹ́ báyìí báyìí. Mo tún ti kọ̀wé lónìí, mo sì ti ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ẹ ní kí n lọ tún ṣe." Ẹ má bẹ̀ ẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀ lókè. Ẹ má pè é lórí fóònù, ẹ má sì wá ojú ìwé rẹ̀ lórí Facebook. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí kò bá fèsì, ó ṣì lè lọ ṣí ìwé yín wò; èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfèsì.

5. Nígbà tí wọ́n bá pè yín

Ìbéèrè náà á wá: "Ẹ ti wá síbí rí, àbí?" Ohun tí ẹ kọ sí lẹ́tà ni kí ẹ tún sọ lẹ́nu, kó má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, kí ẹ sì dákẹ́. Àwọn tó máa ń ṣìṣe níbí ni àwọn tí ń bá a lọ lẹ́yìn tí ìdáhùn ti parí, tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ẹ rántí àwọn ìtàn tí ẹ sọ nígbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ìgbà kan tí ẹ yanjú ìṣòro kan, ẹ má tún sọ ti ìgbà àkọ́kọ́. Ó wà lákọsílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ lè máa kà á lọ́wọ́. Ìtàn tuntun ni kí ẹ mú wá, láti inú oṣù tó wà láàárín. Bí àwọn tó jókòó bá sì jẹ́ àwọn mìíràn pátápátá, ẹ má rò pé wọn ò mọ̀, wọ́n ti lè ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó wọlé.

Ìdánwò lè padà wá bákan náà, ó sì lè yàtọ̀. Ti àbúrò yìí kò yàtọ̀ púpọ̀: ìsanwó 400, iṣẹ́jú 45. Ó ní ìṣẹ́jú 32 ni òun fi parí, òun wá fi èyí tó kù yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì rí ìsanwó méjì tó ní nọ́ńbà kan náà tí VLOOKUP ti fò, torí pé èyí tó bá kọ́kọ́ bá nìkan ló máa ń mú jáde. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè é wọlé. Ọ̀gá tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lórí ímeèlì wà níbẹ̀. Ó ti ṣí ìdánwò oṣù Kẹta àti ti oṣù Kọkànlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, ó yí i sọ́dọ̀ àbúrò yìí, ó sì ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ₦50 yẹn fún àwọn tó jókòó.